Ìdánrawò ọ̀sẹ̀ 12 fún eré-ìje: bí a ṣe ń ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ ìdíje

Àwọn kókó pàtàkì

- Ọjọ́ ìdíje ni ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò ṣeé yí nínú ètò ìdánrawò. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti ń ka ọjọ́ sẹ́yìn láti mọ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀.
- Ọjọ́ 77 ni ó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kejìlá. Kì í ṣe ọjọ́ 84.
- Ó yẹ kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn tàbí ikọ́ fée rí òṣìṣẹ́ ìlera kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó bẹ̀rẹ̀.
- Bí àìsàn bá dá ìdánrawò dúró, àwọn ọjọ́ inú àtẹ kì í yí padà. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ni a ń dín kù.

Àkótán

Ẹni tí ó fẹ́ sá eré-ìje kìlómítà 10 nílò àkókò kí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, iṣan àti egungun rẹ̀ lè mọ́ iṣẹ́ náà lára. Nínú ètò ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀nà tí ó ń sá máa ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ ìsinmi díẹ̀ máa ń wà láàárín, a sì máa ń dín iṣẹ́ kù ní òpin kí ara lè gbà lọ́wọ́ àárẹ̀ kí ọjọ́ ìdíje tó dé.

Ìdínkù iṣẹ́ ní òpin yìí ni ó máa ń pàdánù nígbà tí a bá ṣi ọjọ́ kà. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, tí ó sì ń tẹ̀ lé ètò rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, yóò bá ọjọ́ ìdíje pàdé nígbà tí ó ṣì yẹ kí ó máa sinmi. Bí ó bá sì fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ọ̀kan, ọ̀nà tí ó ń sá yóò gùn lójijì, egungun ojúgun, orúnkún àti iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti yan ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ yóò máa bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ó dára jù, nítorí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta tàbí ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ eré-ìje máa ń wáyé, ìdíje yóò sì bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ẹni tí kàlẹ́ńdà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí ìdíje bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kan péré ni ọ̀sẹ̀ kejìlá rẹ̀ yóò ní, ọ̀sẹ̀ ìdánrawò 11 ni yóò sì kù ní ọwọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ni láti wá ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí ìdíje bọ́ sí. Ọjọ́ yìí ni ọ̀sẹ̀ kejìlá bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹta ni láti máa yọ ọjọ́ 7 kúrò nínú rẹ̀ léraléra títí a ó fi dé ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yóò yọ iye ọ̀sẹ̀ náà kúrò nínú 12, yóò sọ èyí tí ó kù di ìlọ́po 7, yóò sì padà sẹ́yìn ní iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kìíní, 12 − 1 = 11, 11 × 7 = 77.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wáyé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yọ ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹn ọjọ́ 84, nítorí pé ètò ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ebè 12 sí ìlà kan, àlàfo 11 ni yóò wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ 12 ṣe ní àlàfo 11. Ẹni tí ó bá yọ ọjọ́ 84 yóò fi ọ̀sẹ̀ kan yára bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe kejì wá láti inú bí àwọn Yorùbá ṣe máa ń ka ọjọ́. Nínú ìkà yìí, a máa ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọjọ́ ìparí. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹjọ bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, tí ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún sì ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 4. Ìkà náà tọ̀nà ní ọ̀nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yọ ọjọ́ 8 dípò 7 lórí kàlẹ́ńdà yóò kúrò lórí ọjọ́ Ajé lọ sí ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn náà sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èyí gan-an ni a fi ń mọ àṣìṣe náà: gbogbo ọjọ́ inú àtẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ Ajé. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ó yẹ kí a tún ìṣírò ṣe láti ibẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan

Obìnrin olùkọ́ kan, ẹni ọdún 46, ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́. Ó máa ń rìn kánmọ́kánmọ́, ó sì lè lọ kìlómítà 3 bí ó bá ń sáré díẹ̀ tí ó sì ń rìn díẹ̀. Ó fẹ́ kópa nínú eré kìlómítà 10 ti eré-ìje ìlú Èkó, tí ó wáyé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 15, Oṣù Kejì, ọdún 2025. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ ọjọ́ 10, Oṣù Kejì.

Láti padà sẹ́yìn ní ọjọ́ 77, ọjọ́ 10 gbé e dé ọjọ́ tí ó kẹ́yìn Oṣù Kìíní. Ọjọ́ 31 mìíràn gbé e dé ọjọ́ tí ó kẹ́yìn Oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọjọ́ 31 mìíràn sì tún gbé e dé ọjọ́ 30, Oṣù Kọkànlá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72. Ọjọ́ 5 tí ó kù gbé e dé ọjọ́ 25, Oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, tí ó jẹ́ ọjọ́ Ajé.

Ó ń jáde sáré ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Eré kúkúrú ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Eré gígùn, tí a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, ni ti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

| Ọ̀sẹ̀ | Ọjọ́ Ajé tí ó bẹ̀rẹ̀ | Eré gígùn |
|---|---|---|
| 12 | 10 Oṣù Kejì 2025 | ìdíje, kìlómítà 10 |
| 11 | 3 Oṣù Kejì | kìlómítà 6 |
| 10 | 27 Oṣù Kìíní | kìlómítà 9 |
| 9 | 20 Oṣù Kìíní | kìlómítà 8 |
| 8 | 13 Oṣù Kìíní | kìlómítà 5 |
| 7 | 6 Oṣù Kìíní | kìlómítà 7 |
| 6 | 30 Oṣù Kejìlá 2024 | kìlómítà 6 |
| 5 | 23 Oṣù Kejìlá | kìlómítà 3 |
| 4 | 16 Oṣù Kejìlá | kìlómítà 5 |
| 3 | 9 Oṣù Kejìlá | kìlómítà 4 |
| 2 | 2 Oṣù Kejìlá | kìlómítà 4 |
| 1 | 25 Oṣù Kọkànlá | kìlómítà 3 |

Nígbà tí ọjọ́ ti wà nínú àtẹ, ohun tí iye ọ̀sẹ̀ nìkan kò lè fi hàn di mímọ̀. Kérésìmesì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nítorí náà ibẹ̀ ni a fi ọ̀sẹ̀ ìsinmi àkọ́kọ́ sí. Àárín ètò náà bọ́ sí àkókò ọyẹ́, nígbà tí eruku lè mú kí mímí ṣòro, pàápàá fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée. Eré tí ó gùn jù lọ bọ́ sí ọjọ́ 1, Oṣù Kejì, ọ̀sẹ̀ méjì gééré ṣáájú ìdíje.

Bí àìsàn bá dá ìdánrawò dúró

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ keje, ọjọ́ 7, Oṣù Kìíní, ara olùkọ́ yìí gbóná. Àyẹ̀wò fi hàn pé ibà ẹ̀fọn ni, ó sì lo oògùn rẹ̀ fún ọjọ́ 3 títí ó fi parí. Kò gbọ́dọ̀ sáré nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, nítorí pé eré sísá yóò fi ooru kún ooru, yóò sì da iṣẹ́ lé ọkàn lórí.

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni láti ti gbogbo ètò síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kìlómítà 9 yóò bọ́ sí ọjọ́ 8, Oṣù Kejì, tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré sí ìdíje, ọ̀sẹ̀ ìdínkù iṣẹ́ yóò sì pòórá. Dípò èyí, ó fi àwọn ọjọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ó sì dín iṣẹ́ inú wọn kù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó rìn nìkan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ó sì lọ kìlómítà 4 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó lọ kìlómítà 6 ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, kìlómítà 7 ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti kìlómítà 5 ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Ní ọjọ́ ìdíje, ó yẹ kí ó máa rìn kí ó sì máa sáré ní àsìkò àsìkò, nítorí pé kò tíì sá ju kìlómítà 7 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹ kí ó wáyé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọ̀sẹ̀ kìíní. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ọjọ́ 11, Oṣù Kọkànlá, ọdún 2024 ni. Èyí fún òṣìṣẹ́ ìlera ní àkókò láti ṣe àtúnṣe sí oògùn kí ó sì tún ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ìwọ̀n náà bá tó 180/110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, aláìsàn kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ eré sísá títí ìtọ́jú yóò fi mú un wálẹ̀.

Ó yẹ kí a béèrè irú oògùn tí aláìsàn ń lò. Oògùn tí ń mú ènìyàn tọ̀ púpọ̀ lè mú kí omi ara tètè tán nínú oòrùn. Àwọn oògùn kan tí ń dẹ ìlùkìkì ọkàn kò ní jẹ́ kí a lè fi ìlùkìkì ọkàn mọ bí iṣẹ́ ṣe le tó. Ẹni tí ó ń lò wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ sísọ wọn ara rẹ̀ wò: bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán bí ó ti ń sáré, eré náà ti le jù fún un. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí ìdíje.

Kí aláìsàn dá eré dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sì wá ìtọ́jú, bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí ó ń fún un pa, bí òyì bá ń kọ́ ọ, bí ó bá dákú, tàbí bí mímí bá nira fún un ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú oòrùn, bí ẹni tí ń sáré bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ooru ti mú un. Kí a gbé e sí ibòji, kí a da omi tútù sí i lára, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi àkókò ṣòfò.