Àpótí Òfìfo Nínú Mẹ́nù Géèmù

Bí wọ́n bá túmọ̀ mẹ́nù géèmù sí Yorùbá, tí wọ́n sì ṣí géèmù náà lórí fóònù, àpótí òfìfo kéékèèké ló sábà máa ń gba ipò àwọn lẹ́tà kan. "Jáde" á hàn dáadáa, "Ètò" náà á hàn, ṣùgbọ́n "Bẹ̀rẹ̀" á di `B□□r□□`, "Ìrànlọ́wọ́" á sì di `Ìrànl□□w□□`. Àpótí yìí kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ nínú fáìlì. Géèmù mọ lẹ́tà tó yẹ kó wà níbẹ̀. Fọ́ǹtì tó fi ń kọ̀wé ni kò ní àwòrán lẹ́tà náà, ló bá ya àpótí dípò rẹ̀.

Ó yẹ kí á tètè ya àpótí yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àbùkù méjì mìíràn tó jọ ọ́. Bí "ẹ" bá hàn bí `áº¹`, fọ́ǹtì kò lẹ́bi: ọ̀nà kan ni wọ́n gbà tọ́jú fáìlì náà, ọ̀nà mìíràn ni géèmù gbà kà á. Bí ó bá sì jẹ́ àmì ìbéèrè, `?`, ló dúró síbẹ̀, lẹ́tà náà ti sọnù pátápátá, nítorí pé fáìlì náà ti kọjá lọ́wọ́ ètò kan tí kò lè gba lẹ́tà náà sílẹ̀. Ẹni tó bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì yìí tó wá lọ ń pààrọ̀ fọ́ǹtì yóò kàn ṣe wàhálà lásán ni.

Kí ló dé tí "á" hàn tí "ẹ" kò hàn? Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, nínú ètò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Yunikóòdù. Àwọn lẹ́tà olóhùn bíi à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù àti ú wà láàárín 256 àkọ́kọ́, nítorí pé Faransé, Sípéènì tàbí Ítálì nílò wọn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí fọ́ǹtì tí kò ní wọn. Àwọn lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ jìnnà sí ibẹ̀ gan-an: ẹ jẹ́ `U+1EB9`, ọ jẹ́ `U+1ECD`, ṣ sì jẹ́ `U+1E63`. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì alárà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù kò dé ibẹ̀ rárá.

Ọ̀ràn ẹ̀, ẹ́, ọ̀ àti ọ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí nọ́ńbà ẹyọ kan tó dúró fún èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tó bá kọ "ẹ̀" ti kọ nọ́ńbà méjì tẹ̀ léra, ìyẹn ẹ àti àmì ohùn ìsàlẹ̀, `U+0300`. Àmì ohùn òkè sì ni `U+0301`. Ìdí nìyẹn tí àpótí fi jẹ́ mẹ́rin nínú "Bẹ̀rẹ̀" dípò méjì. Àpótí wọ̀nyí ṣeé kà bí ẹ̀rí. `B□□r□□` fi hàn pé fọ́ǹtì kò ní ẹ, kò sì ní àmì ohùn. `Bẹ□rẹ□` fi hàn pé ó ní ẹ, àmì ohùn nìkan ló kù. `Be□□re□□` ní tirẹ̀ fi hàn pé ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ náà ya àmì abẹ́ lẹ́tà sọ́tọ̀ pẹ̀lú, `U+0323`, tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà mẹ́ta ló wà fún lẹ́tà kan. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú mẹ́nù di oríṣi kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní `NFC`, tó máa ń so e àti àmì abẹ́ rẹ̀ pọ̀ di ẹ.

Ó máa ń ya ẹni tó ń ta géèmù lẹ́nu pé fóònù kan náà ń kọ Yorùbá dáadáa nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Géèmù púpọ̀ kì í lo fọ́ǹtì fóònù. Tiwọn ni wọ́n ń gbé kiri. Nínú Unity, fún àpẹẹrẹ, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ TextMeshPro lè ya gbogbo lẹ́tà tí géèmù nílò sórí àwòrán ńlá kan ṣáájú kí géèmù tó jáde. Lẹ́tà tí wọn kò bá yà sórí àwòrán náà kò sí fún géèmù, kódà bí ó bá wà nínú fọ́ǹtì tí wọ́n ti mú un. Bí ẹni tó ń ṣe é bá mú `Extended ASCII`, á, à àti àwọn ẹgbẹ́ wọn á wọlé, ẹ, ọ àti ṣ á ṣẹ́kù síta, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú mẹ́nù òkè yìí. `Unicode Range (Hex)` ló yẹ kó mú, kó sì kọ èyí síbẹ̀:

```
20-7E,A0-FF,143-144,1F8-1F9,300-301,323,1E3E-1E3F,1E62-1E63,1EB8-1EB9,1ECC-1ECD
```

Fọ́ǹtì tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ ní àwọn lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL ní wọn, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan a máa fi fọ́ǹtì alárà wọn ṣe àkọ́kọ́, kí wọ́n fi Noto Sans ti ẹ̀yìn rẹ̀ láti pèsè ohun tí kò ní. Àpótí á lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ àti ọ á sanra tàbí kí wọ́n tín ju àwọn lẹ́tà tó yí wọn ká lọ, àmì ohùn á sì máa ṣì ibi. Fọ́ǹtì kan ṣoṣo fún gbogbo Yorùbá inú géèmù sàn jù. Àwọn mìíràn a yọ gbogbo àmì kúrò kí àpótí lè tán. Èyí kì í ṣe àtúnṣe: "Ṣí" tó wà lórí bọ́tìnì á di "Si", ẹni tó ń ta géèmù á sì máa méfò.

Lẹ́yìn tí àpótí bá ti lọ tán ni ìṣòro kejì máa ń yọjú. Àmì ohùn á hàn, ṣùgbọ́n kò ní jókòó sórí ẹ. Ó lè yà sí ọ̀tún, tàbí kó wọ inú lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Inú fọ́ǹtì tó dára ni wọ́n ti kọ ibi tí àmì gbọ́dọ̀ jókòó sí lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ́ńjìnnì géèmù gbọ́dọ̀ ka àkọsílẹ̀ náà kó tó wúlò. Godot láti ẹ̀dà 4 ń kà á, nítorí pé HarfBuzz ló fi ń to lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, àti èyí tí ilé iṣẹ́ kékeré kọ fúnra wọn, kì í kà á. Ṣe ni wọ́n kàn ń to àwòrán lẹ́tà láti òsì sí ọ̀tún.

Fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àbáyọ kan wà tó ń gba àsìkò ṣùgbọ́n tó dájú. Wọ́n á ya àwọn lẹ́tà alámì méjì náà ní odidi sínú fọ́ǹtì, lórí àwọn nọ́ńbà tí Yunikóòdù fi sílẹ̀ fún ìlò ara ẹni, bẹ̀rẹ̀ láti `U+E000`. Wọn kò pọ̀: ẹ̀, ẹ́, ọ̀ àti ọ́, kékeré àti ńlá, jẹ́ mẹ́jọ, m̀ kékeré àti ńlá sọ ọ́ di mẹ́wàá. Ń, ǹ àti ḿ ní nọ́ńbà tiwọn tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí géèmù bá fẹ́ ya ọ̀rọ̀ sójú ìwòran nìkan ló gbọ́dọ̀ pààrọ̀ lẹ́tà. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà ìlò ara ẹni yìí sínú fáìlì ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣeé kà mọ́ níbikíbi mìíràn.

Gíga ìlà ló kù. Bọ́tìnì tí wọ́n wọ̀n fún lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń gé orí Ọ́ kúrò, kó sì bo àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀, pàápàá nínú mẹ́nù tó jẹ́ lẹ́tà ńlá nìkan. Nítorí náà, orí bọ́tìnì tó kéré jù nínú géèmù gan-an, lójú fóònù, ni kí wọ́n ti dán ìlà yìí wò:

```
Ẹ̀ Ẹ́ Ọ̀ Ọ́ Ṣ M̀ ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ m̀ ń ǹ
```