Jípsọ̀mù Mélòó Ni Ilẹ̀ Yìí Nílò?

Àwọn oko kan wà ní Àfonífojì Àárín Gbùngbùn Kalifọ́níà tí omi kì í wọ̀. Wọ́n á bomi rin ín, omi á dá rogún sórí ilẹ̀. Bó bá gbẹ, ilẹ̀ á le gbagidi. Sódíọ̀mù tó pọ̀ lára amọ̀ ló ń fà á: ó ń mú kí amọ̀ tú ká, á sì dí ihò tí omi ń gbà. Kálísíọ̀mù inú jípsọ̀mù ló ń lé sódíọ̀mù kúrò lára amọ̀, tí omi á wá fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀.

Wọ́n máa ń fi omi po ilẹ̀ tí wọ́n bù wá títí á fi rọ̀ ṣìkìṣìkì, wọ́n á fa omi rẹ̀ jáde, wọ́n á sì wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Ká ní èsì oko kan jẹ́ sódíọ̀mù 32, kálísíọ̀mù 5, magnẹ́síọ̀mù 3, ní mílíìkúífálẹ́ǹtì nínú lítà kan.

```
SAR = Na / √((Ca + Mg) / 2)
    = 32 / √4 = 16
```

Mílígíráàmù ni ilé àyẹ̀wò míì máa ń kọ. Ẹ kọ́kọ́ fi 23 pín ti sódíọ̀mù, 20 pín ti kálísíọ̀mù, 12.2 pín ti magnẹ́síọ̀mù.

ESP ló ń sọ ìdá tí sódíọ̀mù gbà lára amọ̀ fúnra rẹ̀. Ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Rífásáìdì fi ààlà rẹ̀ sí 15 nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1954. Ó sún mọ́ SAR 13. Oko wa ti kọjá ààlà.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí. Ká ní gbogbo èròjà tí amọ̀ oko yìí lè dì mú jẹ́ 20 nínú 100 gíráàmù ilẹ̀, tí ilé àyẹ̀wò sì rí sódíọ̀mù 5.2. Kì í ṣe ara amọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn kan kàn yọ́ sínú omi ni. Bí 100 gíráàmù bá gba omi 50 mílílítà nígbà tí wọ́n pò ó, 32 × 0.05 jẹ́ 1.6. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

```
ESP = 100 × (5.2 − 1.6) / 20 = 18
```

Ká fẹ́ kó wálẹ̀ sí 8, ìdá 10 lára 20 la ó lé lọ: 2. Fún ilẹ̀ tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 20, ẹyọ kan ń gba jípsọ̀mù bíi tọ́ọ̀nù 2.2 lórí hẹ́kítà kan, nítorí náà bíi 4.5 ni. Ẹni tí kò yọ 1.6 kúrò á ka ESP sí 26, á sì ra tọ́ọ̀nù 8.

Iye yìí jẹ́ ti jípsọ̀mù tí kò lábùlà. Bí ti ọjà bá jẹ́ ìdá 80 nínú 100, ẹ fi 0.8 pín in, 4.5 á di bíi 5.6. Bí omi kò bá sì rí ọ̀nà ṣàn jáde nísàlẹ̀ oko, sódíọ̀mù tí wọ́n lé kò ní ibi tí yóò gbà lọ, torí náà gọ́tà ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ kí wọ́n tó ra àpò kan.