Pupa ẹyin inú iyọ̀: ó le, ṣùgbọ́n kò jinná

Nínú oúnjẹ tí mo ń fi fíríìjì ṣe, pupa ẹyin tí a rin sórí ìrẹsì bí ẹni rin ilá ló wù mí jù. Fún ẹyin 4, mo máa ń po ife iyọ̀ 1 mọ́ ife ṣúgà 1. Mo ń tẹ́ ìdajì rẹ̀ sínú abọ́, mo ń gbẹ́ kòtò 4 sí i, mo ń rọra gbé pupa ẹyin sínú wọn, mo sì ń fi ìyókù bò wọ́n. Láàárín ọjọ́ 5 sí 7 nínú fíríìjì, iyọ̀ àti ṣúgà yóò ti fa omi rẹ̀ jáde. Bí ààrin rẹ̀ bá ṣì rọ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dá a padà. Bí ó bá le, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ nù ún, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, kí ó tún gbẹ nínú fíríìjì fún bí ọ̀sẹ̀ 1.

Líle yìí ló ń tan ènìyàn jẹ. Kòkòrò àìfojúrí Sàmónẹ́là lè wà nínú ẹyin tí kò sán, iyọ̀ kì í sì í pa á dájú. Ooru ìrẹsì náà kò tó o. Nítorí náà, n kì í fún ọmọdé, aboyún, arúgbó tàbí aláìsàn jẹ. Bí iná bá lọ ju wákàtí 4 lọ tí fíríìjì sì gbóná, dídànù ló kù.