Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló ń mú tọ́ọ̀ṣìpáàdì fò fúnra rẹ̀?

Ẹ̀yin ará Bẹẹrẹ, Mápó àti Ọjà'ba, ṣé ọfà ojú láàpútọ́ọ̀pù yín ń fò kiri, tó sì ń tẹ nǹkan fúnra rẹ̀? Ẹ má tíì sanwó àtúnṣe.

1. Ẹ yọ ṣájà. Bí ó bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, iná ló ń dà á láàmú. Ìyípadà kékeré nínú iná ni tọ́ọ̀ṣìpáàdì fi ń mọ ibi tí ìka wà. Ṣájà ayédèrú, tàbí iná ilé àti jẹnẹrétọ̀ tí kò ní wáyà áàtì, lè dà á rú. Ẹ dán ṣájà gidi wò níbòmíràn.

2. Ṣé tọ́ọ̀ṣìpáàdì kò gbọ́ rárá? Ẹ tẹ Fn pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì tó ní àwòrán tọ́ọ̀ṣìpáàdì, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ló pa á. Ẹ nù ún pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ. Òógùn àti òróró wà lára ohun tó ń dí i lọ́wọ́.

3. Ṣé ó ti yọ sókè, tàbí ó ti le láti tẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí bátìrì abẹ́ rẹ̀ ti wú. Ẹ pa láàpútọ́ọ̀pù náà, ẹ má ṣájì í, ẹ má gún bátìrì náà: ó lè gbiná. Èyí ni kí ẹ gbé lọ fún alátùn-únṣe, bátìrì ni kí ó sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ pín in fún ẹni tí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀.