Bí kóòdù àṣírí ṣe ń jáde nínú ẹ̀rọ ìsanwó

Obìnrin kan ra ìrẹsì, òróró àti ọṣẹ ní ilé ìtajà kan ní Àjàṣẹ́. Ó ki káàdì báńkì rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ ìsanwó tí wọ́n nà sí i, ó fi ọwọ́ kan bo ìkejì, ó sì tẹ nọ́ńbà mẹ́rin. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni ó hàn lójú ẹ̀rọ. Nígbà tí ó parí, ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbowó pé: « Ọmọ mi, ṣé nọ́ńbà mi kò kù sínú ẹ̀rọ yìí? »

« Rárá o, ìyá. Èmi gan-an kò lè rí i. »

Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé báńkì ni yóò yẹ kóòdù wò, ẹ̀rọ kì í fi í ránṣẹ́ ní gbangba. Ó ń dì í, ó sì ń tì í, kí ó tó jáde.

Ká ní kóòdù náà ni 5273, tí nọ́ńbà ara káàdì sì jẹ́ 5123456789012346. Nọ́ńbà ìdánwò ni èyí, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ kọ ìlà kan tí ó ní àyè 16. Òdo ni ó fi ṣáájú, láti fi irú ìlà náà hàn. 4 tẹ̀lé e, nítorí pé nọ́ńbà mẹ́rin ni kóòdù ní. Kóòdù fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e. Lẹ́tà F sì dí àyè tó kù. Lẹ́yìn náà, yóò yọ nọ́ńbà ìkẹyìn ti káàdì kúrò, yóò mú 12 tó ṣáájú rẹ̀, yóò sì fi òdo mẹ́rin síwájú wọn. Ìlà kejì nìyẹn. Ó wá pa ìlà méjèèjì pọ̀ di ẹ̀kẹta:

```
0452 73FF FFFF FFFF
0000 3456 7890 1234
0452 47A9 876F EDCB
```

Báwo ni 7 àti 3 ṣe di 4? Ẹ̀rọ ń tú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí 8, 4, 2 àti 1, bí ẹni ń ṣẹ́ owó. 7 jẹ́ 4, 2 àti 1. 3 jẹ́ 2 àti 1. Èyí tó bá wà níhà méjèèjì, ó pa á rẹ́. Èyí tó wà níhà kan ṣoṣo, ó dá a sí. 4 nìkan ló ṣẹ́kù. Àwọn lẹ́tà A dé F dúró fún 10 dé 15.

Ẹni tó bá wo ìlà kẹta dáadáa yóò rí i pé 52 ṣì hàn níbẹ̀ kedere. Ìpapọ̀ yìí kì í ṣe àgádágodo rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé, bí ènìyàn méjì bá ní kóòdù kan náà, ìlà tiwọn kò ní jọra, níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà káàdì wọn yàtọ̀. Láìsí i, olè tó ní káàdì tirẹ̀ lè fi kóòdù ara rẹ̀ wéra pẹ̀lú ti ẹlòmíràn.

Títì gan-an ló kàn. Ẹ̀rọ ń fi kọ́kọ́rọ́ kan tí a fi nọ́ńbà ṣe da ìlà náà rú. Ohun tó jáde kò fi 52 hàn mọ́, kò sì fi ohunkóhun hàn fún ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìgbà kan ṣoṣo ni a ń lo kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyá kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ìsanwó wọlé fún báńkì. A kò fi ìyá yìí sínú ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ ní. Bí ẹ̀rọ bá lo ọ̀kan tán, ó pa á rẹ́. Ó ń fi nọ́ńbà ara rẹ̀ àti iye ìgbà tó ti ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ ní gbangba, kí ẹni tó ní ìyá lè mọ ọmọ tí yóò fi ṣí i. Nítorí náà, olè tó jí ẹ̀rọ lónìí kò lè fi kọ́kọ́rọ́ tó kù nínú rẹ̀ ṣí ìsanwó àná.

Bí ó bá sì gbìyànjú láti tú u ńkọ́? Bátìrì kékeré kan ń ṣọ́ ara ẹ̀rọ náà tọ̀sán-tòru, kódà bí a bá pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìdérí rẹ̀ tàbí tó lu ú, ó ń pa gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò ní lè gba kóòdù mọ́ títí a ó fi dá a padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀.

Àmọ́ inú ẹ̀rọ nìkan ni gbogbo ààbò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kò lè dí ojú ẹni tó dúró lẹ́yìn obìnrin náà, tàbí kámẹ́rà tí a fi pamọ́ sókè. Ọwọ́ tó fi bo ìkejì wúlò fún ìyẹn. Ìràwọ̀ mẹ́rin náà pẹ̀lú ní ìtumọ̀: ẹ̀rọ tòótọ́ kì í fi nọ́ńbà kóòdù hàn. Bí 5 bá hàn ní 5 lójú ẹ̀rọ, tàbí tí olùtajà bá ní kí a sọ kóòdù kí òun bá wa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù òun, kóòdù náà kò gba ọ̀nà yìí kọjá. Kí a tẹ bọ́tìnì pupa, kí a sì yọ káàdì.