Ohun Tó Wọ Oríta Gbọ́dọ̀ Jáde

Iye iná tó bá wọ oríta wáyà ni yóò jáde níbẹ̀. Gustav Kirchhoff ló gbé òfin yìí kalẹ̀ ní 1845, òun náà ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú bátìrì fóòtì 12. Iná gba rẹ̀sísítọ̀ óòmù 2 kọjá, ó dé oríta, ó pín sí méjì: apá kan gba óòmù 3, èkejì gba óòmù 6. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ pé ámpíà 3 wọ oríta, pé 4 àti 2 ló jáde. Mẹ́ta wọlé, mẹ́fà jáde: àṣìṣe wà níbẹ̀. Fóòtì 12 ló fi ṣírò, ó gbàgbé pé óòmù 2 ti jẹ 6 nínú rẹ̀. Bó bá fi fóòtì 6 tó kù ṣe é, yóò rí ámpíà 2 àti 1, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 3.

Ṣùgbọ́n bó bá ṣi 2 àti 1 gbé sípò ara wọn, oríta kò ní mú un. Kó sọ ámpíà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú óòmù rẹ̀. Fóòtì kan náà ló yẹ kí méjèèjì jẹ́. Ẹni tó sì fi ìyọkúrò wá ámpíà tó kẹ́yìn kò tíì yẹ nǹkan kan wò.