Ẹ ṣọ́ra o! Èébú Ìlú Ọba yàtọ̀ sí èébú Amẹ́ríkà

Láti Òde Ugbò títí dé gbogbo etí òkun Ìlàjẹ, kò sẹ́ni tí kò mọ iṣẹ́ epo. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ni Ṣẹfúrọ́ọ̀nù tó ń wa epo lójú omi wa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé, ti Ìlú Ọba ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní "písìtì". Inú ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni wọ́n ti fà á yọ, kò ṣeé sọ níwájú àgbà níbi méjèèjì. Bí ará Amẹ́ríkà bá ní òun ti písìtì, inú ló ń bí i. Bí ará Ìlú Ọba bá sọ ọ́, ó ti mutí yó ni! Ká wá ní ọmọ Ugbò kan ń bá ọ̀gá Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ nínú òkun. Ẹ̀rọ kan daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá figbe ta pé òun ti písìtì. Ọmọkùnrin yìí sáré lọ bá ọ̀gá kejì, ará Lọ́ńdọ̀nù: "Sà, ọ̀gá wa ti písìtì o!" Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọtí jẹ́ èèwọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá yó níbẹ̀. Ìbínú lásán ti di ẹ̀sùn ọtí nìyẹn.

Ọ̀nà kan wà téèyàn lè fi mọ̀ ọ́n. Bí "ọ́ọ̀fù" bá tẹ̀lé písìtì, ìbínú ni lẹ́nu àwọn méjèèjì. Bí kò bá tẹ̀lé e, ẹ kọ́kọ́ mọ ìlú ẹni tó sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ti àwọn obìnrin tiẹ̀ tún le jù. Báàgì kékeré táwọn oníṣòwò ń so mọ́ ìbàdí kówó sí, "fáánì páàkì" ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Ìdí lásán ni fáánì lọ́dọ̀ wọn, ìyá àgbà lè ní kí ọmọ-ọmọ òun fi fáánì ẹ̀ jókòó. Ní Ìlú Ọba ńkọ́? Ojú ara obìnrin ni o! Ẹni tó bá ti Amẹ́ríkà dé, tó wọ ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń bèèrè fáánì páàkì, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi í rín. "Bọ́ọ̀mù báàgì" ni kó bèèrè, torí bọ́ọ̀mù ni ìdí níbẹ̀. Àmọ́ kó má gbé ìyẹn padà sí Amẹ́ríkà, ọ̀lẹ alárìnkiri ni wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún.

"Blọ́dì" táwọn ṣọ́jà wa fi ń bú aráàlú náà ńkọ́? Lọ́dún 1914, Jọ́ọ̀jì Bánádì Ṣọ́ọ̀ fi sẹ́nu obìnrin olódòdó kan nínú eré Pigimélíọ̀nù, ariwo ńlá ló sọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n fi sọ eré olórin ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956, wọn ò lo blọ́dì níbi tó yẹ kó ti dẹ́rìn-ín pa wọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ ìdí ni wọ́n ní kí obìnrin náà fi kígbe mọ́ ẹṣin níbi ìdíje eré ẹṣin.